Mítà ní -14, àmọ́ ohùn mi kò dún lórí Yúùtúùbù

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fídíò oúnjẹ ni mo máa ń ṣe, láti Ìbàdàn. Èyí tí mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí a ṣe ń se ayamáṣe ni mo fi kọ́ni. Gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ṣí i, àwọn náà ló pa á dé. Tí ẹ bá ro ìlù ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ti ìparí, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyókù, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni.

Wọ́n sọ fún mi pé -14 LUFS ni Yúùtúùbù ń lò, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó, bó bá ṣe sún mọ́ 0 ló ń ga sí i. Mo fi "Loudness Normalization" inú Audacity gbé gbogbo rẹ̀ sí -14 kí n tó fi síta. Síbẹ̀ àwọn tó ń wò mí láti Máńṣẹ́sítà ní ìlù ń já àwọn láyà, pé bí mo bá wá ya ẹnu, àfi kí àwọn tún yí fóònù sókè. Tí fídíò ẹlòmíì bá wá tẹ̀ lé tèmi báyìí, á bú mọ́ wọn létí. Mo gé ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ata, mo fi sórí Tíkítọ́kì àti sítétọ́ọ̀sì Wáásáàpù. Ibẹ̀ ló tún wá kéré jù.

Iye wo ni kí n máa lò fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan kí ohùn mi lè dọ́gba níbi gbogbo? Ìlù yẹn tún ń fọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í fọ́ tẹ́lẹ̀.

Tóbi Èdítà
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Yúùtúùbù -14, Sípọ́tífáì -14, pọ́dikáàsì Apple -16. Ti Tíkítọ́kì, -10 ni èmi máa ń lò. Ẹ ṣe fáìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó tán.

Tí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà, ẹ fi límítà, tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá òpin tí ẹ fún un, tì í sókè títí á fi kan -9, kí ẹ gbé ẹyọ kan yẹn síbi gbogbo. Èyí tó bá pọ̀ jù, Yúùtúùbù á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan.

Àlàájì Ọ̀ṣogbo
Ọmọ mi, yẹ ihò sípíkà fóònù rẹ wò. Epo àti ìyẹ̀fun máa ń dí i pa, àgàgà fóònù ẹni tó ń dáná. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ ni mo fi gbá tèmi, kíá ni ohùn padà.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ẹ ṣé gan-an, Àlàájì. Fóònù mi ń dún dáadáa, àwọn tó ń wò mí lókè òkun ló ń ráhùn. Ṣùgbọ́n màá gbá a náà, nítorí epo wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Bàbá Míkísà
Àdùkẹ́, má tíì yí nǹkan kan, má sì tíì ṣe fáìlì mẹ́ta. Nǹkan méjì ni kí o kọ́kọ́ wò fún wa.

Ṣí fídíò náà lórí kọ̀ǹpútà, fi apá ọ̀tún máòsì tẹ orí àwòrán rẹ̀, kí o mú "Stats for nerds". Ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Volume / Normalized" sí. Kọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà, padà sórí fáìlì tí o ní kí Audacity tó fọwọ́ kàn án. Wọn ìlù nìkan, wọn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan, kí o sì wọn odindi rẹ̀. Tí o kò bá ní mítà, Youlean Loudness Meter wà lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí wọ́n kọ "Integrated" sí, ìyẹn ti odindi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ni kí o kà, má wo èyí tó ń fò sókè fò sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ẹ ṣé, Bàbá. Ohun tí Yúùtúùbù kọ nìyí: `100% / 100% (content loudness -0.1dB)`.

Fáìlì àtẹ̀yìnwá: ìlù nìkan jẹ́ -9. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan jẹ́ -20. Odindi rẹ̀ jẹ́ -16.7. "True peak" rẹ̀, ìyẹn ṣóńṣó ibi tó ga jù, jẹ́ -0.4. Kí ló dé tí odindi fi ga ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ tó báyẹn, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù?

Bàbá Míkísà
Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bèèrè gan-an lo bèèrè yẹn.

Mítà kì í ka iye ìṣẹ́jú lásán, agbára tó wà nínú ohùn ló ń rò pọ̀ kó tó pín in. Ìlù rẹ fi 11 dB ga ju ọ̀rọ̀ rẹ lọ. 11 dB túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ lé ní ìlọ́po méjìlá. Nítorí náà, ìlù ìṣẹ́jú kan ṣoṣo yẹn wúwo lórí ìwọ̀n ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Bí i ti ìdílé tí ẹnì kan ti gba mílíọ̀nù kan tí àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá: tí o bá pín owó wọn dọ́gbadọ́gba, gbogbo wọn á dà bí olówó.

Audacity wo -16.7, ó fi 2.7 dB kún odindi fídíò kí ó lè di -14. Iṣẹ́ tí o rán an ló jẹ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú: ìlù ti di -6.3, ọ̀rọ̀ rẹ di -17.3. Ẹni tí fídíò rẹ̀ tẹ̀ lé tìrẹ, tó kàn ń sọ̀rọ̀ láìsí ìlù, ohùn ẹnu rẹ̀ wà ní -14 gidi. Ó fi 3.3 dB jù ọ́ lọ, etí á mọ̀ ọ́n. Yúùtúùbù ní tiẹ̀ rí -14.1, ó ní kò sí wàhálà, ó fi ọ́ sílẹ̀. Ohun tí -0.1dB tó o rí yẹn ń sọ nìyẹn.

Ìlù tó ń fọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ti wà ní -0.4 tẹ́lẹ̀, o tún wá fi 2.7 kún un. Òkè 0 kò sí àyè kankan, nítorí náà orí gbogbo ibi tí ọ̀pá gángan ti balẹ̀ ni wọ́n gé dànù nígbà tí o yọ fáìlì jáde. "Loudness Normalization" inú Audacity kò ní límítà nínú, gbígbé sókè àti rírẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ti Tíkítọ́kì tó kéré jù yẹn náà, o ti rí ìdí rẹ̀ báyìí. Ibi tí o gé kò ní ìlù nínú, ọ̀rọ̀ nìkan ni. O rò pé -14 lo gbé síbẹ̀, -17.3 lo gbé síbẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Háà! Ó yé mi. Torí náà kì í ṣe iye ìkànnì ló ṣe mí.

Bàbá Míkísà
Rárá, àárín ìlù àti ọ̀rọ̀ ni. Ohun tó yẹ kó dọ́gba láti fídíò dé fídíò àti láti ìkànnì dé ìkànnì ni ohùn ẹnu rẹ, nítorí òun ni etí olùwòran fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Tún ohùn ẹnu ṣe kí o tó bojú wo odindi. Bí èmi á ṣe ṣe é nìyí.

Fi ọ̀rọ̀ sórí tírákì tirẹ̀, ìlù sórí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ wà ní -20, o fẹ́ kó dé nǹkan bí -14. Ìyẹn 6 dB. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó ọ̀rọ̀ ẹnu tí a kò tíì tọ́jú sábà máa ń wà ní -4 tàbí -3, pàápàá níbi tí èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tàbí tó pariwo "ẹ wò ó!". Tí o bá kàn fi 6 kún un, yóò fọ́ bí ìlù yẹn ṣe fọ́. Kọ́mpirẹ́sọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tẹ àwọn ibi tó ga yẹn mọ́lẹ̀. Lo ìpín 3 sí 1, kí o sọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa fa ohùn wálẹ̀ tó 4 tàbí 5 dB níbi tí o bá ti sọ̀rọ̀ kíkan, tí kò sì ní fọwọ́ kan ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Audacity láti 3.6 wá sókè máa ń fi hàn ọ́ lójú ibẹ̀ iye tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá gbé ọ̀rọ̀ sókè, kí o sì fi límítà sí ìparí, ní -1.5 dB.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá jókòó sí -14 ni kí o wá fa ìlù wálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń fi í sí 3 dB sísàlẹ̀, ìyẹn -17. Wọn odindi rẹ̀: á jẹ́ nǹkan bí -14.2. Ìlù kò tún ní agbára láti tan mítà jẹ mọ́.

Ìdí tí mo fi ní -1.5, tí mi ò sọ pé 0: gbogbo ìkànnì ló máa ń tún ohùn rẹ fún pọ̀ sínú AAC tàbí irú rẹ̀ mìíràn, ṣóńṣó ohùn a sì máa ga díẹ̀ sí i lẹ́yìn fífún pọ̀ náà. Àyè kékeré yẹn ló ń gbà á.

Tóbi Èdítà
Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìlù. Àmọ́ -9 tí mo sọ ńkọ́? Ṣebí Yúùtúùbù ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́?

Bàbá Míkísà
Lóòótọ́ ni, Tóbi, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gbé fáìlì -9 síbẹ̀, "Stats for nerds" á kọ content loudness 5.0dB, apá kejì ìlà náà á sì di 56%. Ó ti fi 5 dB fà ọ́ wálẹ̀ sí -14, ìwọ àti Àdùkẹ́ wá di ẹgbẹ́ ní agbára.

Níbi tí o ti ní wọn ò ní pàdánù nǹkan kan ni mi ò ti bá ọ lọ. Kí o tó lè ti ọ̀rọ̀ ẹnu dé -9, límítà ti ní láti gé ṣóńṣó rẹ̀ púpọ̀púpọ̀. Yúùtúùbù dá ohùn náà padà sí -14, kò dá ṣóńṣó náà padà. Tí o bá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní agbára kan náà, tìrẹ ni yóò rọ̀ jọwọlọ, tí ọ̀rọ̀ kò ní ní ìgbéra, tí èémí àti fáànù ẹ̀yìn á máa dún ketekete láàárín ọ̀rọ̀. Ìlù ló máa ń hàn jù lára rẹ̀, nítorí ìró ọ̀pá ni ẹwà gángan.

Òdì kejì rẹ̀ ló yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún. Èyí tó bá ga, Yúùtúùbù á fà á wálẹ̀. Èyí tó bá kéré, kì í gbé e sókè. Ẹni tó bá gbé -20 síbẹ̀, -20 ni wọ́n á gbọ́. Tí kò bá sí bí kò ṣe pé kéèyàn ṣìnà sí apá kan, kó ga díẹ̀ ju kó kéré lọ.

Kọ́máńdì Houston
Ẹ ǹlẹ́ o, láti Tẹ́ksásì. Èmi kì í lo bọ́tìnnì, ffmpeg ni mo ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń rán an. Ti àkọ́kọ́ kàn ń wọn fáìlì ni:

```
ffmpeg -i ayamase.mp4 -af loudnorm=I=-14:TP=-1.5:LRA=11:print_format=summary -f null -
```

Àwọn iye tó bá tẹ̀ síta ni mo ń dá padà fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Àǹtí ti ṣe ohun tí Bàbá wí, tí àdàlù tuntun náà sì wà ní -16.2, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì jẹ́ -4.0:

```
ffmpeg -i ayamase.mp4 -af loudnorm=I=-14:TP=-1.5:LRA=11:measured_I=-16.2:measured_TP=-4.0:measured_LRA=6.0:measured_thresh=-26.4:offset=0.0:linear=true:print_format=summary -ar 48000 -c:v copy -c:a aac -b:a 256k ayamase2.mp4
```

Ẹ má yọ `-ar 48000` kúrò o. loudnorm lè sọ ohùn di 192 kHz lábẹ́lẹ̀.

Tóbi Èdítà
Mo ti lo èyí rí, Ẹ̀gbọ́n. Láàárín ọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì máa ń ga díẹ̀díẹ̀, bí mo bá tún ti sọ̀rọ̀ á lọlẹ̀. Mo wá pa á tì.

Kọ́máńdì Houston
Wo ìparí ohun tó tẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kejì, níbi tí wọ́n kọ "Normalization Type" sí. Mo lè búra pé "Dynamic" ló wà níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ "Linear", iye kan náà ló fi kún gbogbo fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ohun tó lè máa lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí i pé iye tó fẹ́ fi kún un á ti ṣóńṣó kọjá TP, ìyẹn òpin ṣóńṣó tí o fún un, yóò pa `linear=true` rẹ tì láìsọ fún ọ, á wá máa yí ohùn sókè yí i sílẹ̀ bí fídíò ṣe ń lọ. Bákan náà ni tí LRA fáìlì, ìyẹn àlàfo láti ibi tó kéré dé ibi tó ga, bá ju èyí tí o kọ síbẹ̀ lọ.

Wo èyí tí mo kọ lókè: -16.2 sí -14 jẹ́ 2.2. Fi 2.2 kún -4.0, ó di -1.8, kò kọjá -1.5. "Linear" ni yóò jẹ́. Fáìlì àtijọ́ Àǹtí Àdùkẹ́ ńkọ́? 2.7 lórí -0.4. Kò lè ṣeé ṣe, "Dynamic" dandan. Kọ́mpirẹ́sọ̀ àti límítà ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí àyè sílẹ̀, kí loudnorm tó dé.

Dẹ́bọ̀ Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ dákun, mo ní tèmi náà. Ìsìn ìjọ wa ní Pẹ́kámù ni mo máa ń gbé sórí ayélujára. Mo fi wáyà kan fa ohùn láti míkísà wá sínú kámẹ́rà. Ìwàásù pásítọ̀ kò ga rí, bó ti wù kí n ṣe é. Mítà kà á sí -17, mo gbé e dé -14. Àwọn tó ń fi íápíìsì gbọ́ wá ní apá òsì nìkan ni àwọn ti ń gbọ́ pásítọ̀, pé ó sì ń ro àwọn létí níbẹ̀.

Kọ́máńdì Houston
Bùọ̀dá Dẹ́bọ̀, ẹ ti rí i fúnra yín. Wáyà yẹn gbé ohùn wá sí apá kan, apá kejì ṣófo. Mítà máa ń ro agbára òsì àti ọ̀tún pọ̀ ni. Tí ọ̀kan bá ṣófo, yóò fi 3 dín sí ohun tó máa kà bí wọ́n bá jẹ́ méjì. Ẹ kọ́kọ́ da òsì kọ ọ̀tún kí ẹ tó wọ̀n ọ́n:

```
-af "pan=stereo|c0=c0|c1=c0"
```

Nínú Audacity, ẹ ya tírákì náà sí méjì, ẹ pa èyí tó ṣófo rẹ́, kí ẹ sọ èyí tó kù di mónò. Ẹ má gbàgbé pé fáìlì mónò gidi ní ẹ̀tàn tirẹ̀: mítà á kà á ní 3 sísàlẹ̀ ohun tí yóò jẹ́ bí sípíkà méjì bá ń dún pọ̀. loudnorm ní `dual_mono=true` fún ìyẹn.

Dẹ́bọ̀ Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ ṣeun púpọ̀. -17 ti mo rí yẹn, ṣé -14 ni látilẹ̀ nìyẹn?

Kọ́máńdì Houston
Bẹ́ẹ̀ ni, bí òsì bá ti dà sí ọ̀tún.

Ṣadé Fídíò Kúkúrú
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kò tíì dáhùn ti Tíkítọ́kì. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n sí àádọ́ta. Èmi kò fara mọ́ -14 níbẹ̀. Orin ló pọ̀ jù lórí ìkànnì yẹn, wọ́n sì ga. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sí -14, tí fídíò tó ṣáájú tèmi jẹ́ orin àmápíánò tí wọ́n fún pọ̀ dan-in-dan-in, èèyàn á ti fi ìka gbọ́n mí kọjá kó tó gbọ́ ohun tí mo wí. -12 ni mo máa ń lò, nígbà míì -11. Sípíkà fóònù kò ní báàsì, torí náà mo tún máa ń gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 100 Hz kúrò kí límítà má bàa ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́.

Bàbá Míkísà
Ṣadé, gígé báàsì yẹn dára, èmi náà ń ṣe é fún ọ̀rọ̀ ẹnu, wọn kì í tilẹ̀ ka báàsì sí tó bẹ́ẹ̀ nínú mítà. Ti -11 ni mi ò tíì gbà. Gbogbo iye tí wọ́n ń pín kiri pé ti Tíkítọ́kì ni, àwọn tó gbé fídíò síbẹ̀ tí wọ́n wọ̀n ọ́n padà ló ń sọ ọ́, kálukú ló sì ń mú tirẹ̀ wá. Fáìlì mi ti -14 ni mò ń gbé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà mi kò sọnù rí.

Ṣadé Fídíò Kúkúrú
Àwọn oníbàárà yín kò ṣe àmápíánò, Bàbá 😄. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí dán méjèèjì wò.

Bàbá Míkísà
Kó dán an wò. Bó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tó mọ́ tó sì ti gba kọ́mpirẹ́sọ̀, -12 kò ní pa á. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kó wọn èyí tó bá gé lọ́tọ̀, kó má ṣe gbà pé iye fídíò ńlá ni iye ibi tó gé. Wáásáàpù náà nìyẹn. Ohun tó bá wà nínú fáìlì rẹ ni kó o gbà pé wọ́n á gbọ́ níbẹ̀.

Tóbi Èdítà
Bàbá, tí mo bá ń ṣe fíìmù ńkọ́? Ẹnì kan fún mi níṣẹ́, ó ní -14.

Bàbá Míkísà
Fún Yúùtúùbù, kò burú. Bó bá jẹ́ Nẹ́tífílíìsì ló ń lọ, wọ́n á dá a padà. -27 ni wọ́n ń béèrè, kó má ju 2 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ṣóńṣó má sì kọjá -2. Kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré nìkan ni wọ́n ń wọ̀n fún -27 yẹn, kì í ṣe odindi fíìmù. Ohun tí mo ń sọ fún Àdùkẹ́ látàárọ̀ nìyẹn, wọ́n kàn sọ ọ́ di òfin ni. Tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù ń lo -23 láti 2010, odindi ètò ni tiwọn. Torí náà bèèrè ibi tí iṣẹ́ ń lọ kí o tó fọwọ́ kan nǹkan, nítorí láti -14 sí -27 kì í ṣe nǹkan tí a ń fi ẹnu lásán sọ.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Mo ti dé o. Mo ya ìlù àti ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, mo lo kọ́mpirẹ́sọ̀ 3 sí 1 àti límítà -1.5. Ọ̀rọ̀ jẹ́ -14.6 báyìí, ìlù jẹ́ -17.5, odindi rẹ̀ jẹ́ -14.8. Ìlù kò fọ́ mọ́. Mo gbé e síbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, "Stats for nerds" ní content loudness -0.8dB. Mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò ẹlòmíì tó ń dáná, ohùn wa dọ́gba. Èyí tí mo gé fún Tíkítọ́kì, mo wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, mo fi sí -12 bí Ṣadé ṣe wí, mo tún ń wò ó.

Ohun kan ló kù. Ibi tí mo ti da àlùbọ́sà sínú epo tó gbóná, ṣáà-ṣáà rẹ̀ bo ohùn mi. Lórí kọ̀ǹpútà kò burú, lórí fóònù ni ó ń pariwo jù.

Bàbá Míkísà
O ṣeun tí o padà wá. -14.8 ti tó, má wá 0.8 kiri.

Ti epo, ohùn tó rí wínníwínní báyẹn ni mítà fún láyè jù. Ohùn òkè 2 kHz ni ó ń fi 4 dB kún kó tó kà á, nítorí bẹ́ẹ̀ ni etí ènìyàn náà ṣe ń gbọ́. Torí náà dídín àlùbọ́sà ń wúwo lórí ìwọ̀n rẹ bí ìlù yẹn ṣe wúwo. Kọ́mpirẹ́sọ̀ tí o fi sórí ọ̀rọ̀ ẹnu tún gbé e sókè níbi tí o ti dákẹ́, nítorí máìkì kan náà ló gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Fi ọwọ́ fa tírákì náà wálẹ̀ tó 6 dB ní ibi tí o kò ti sọ̀rọ̀, kí o jẹ́ kí wọ́n ṣì máa gbọ́ díẹ̀, oúnjẹ ni.

Kọ́máńdì Houston
Kí ẹ sì yẹ "Stable volume" wò nínú ètò fídíò lórí fóònù yẹn. Ó máa ń tẹ ibi tó ga mọ́lẹ̀, kó gbé ibi tó kéré sókè, yàtọ̀ sí rírẹ̀ sílẹ̀ tí Bàbá ń sọ. Bí ó bá wà ní títàn, ariwo epo láàárín ọ̀rọ̀ á gòkè ju bí ẹ ṣe ṣe é lọ. Ẹ pa á kí ẹ tó dájọ́ àdàlù yín. Olùwòran tó bá tàn án, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe fún ìyẹn.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ó wà ní títàn! Mo pa á, epo lọ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ga. Màá fa tírákì yẹn wálẹ̀ lálẹ́ òní.

Àlàájì Ọ̀ṣogbo
Ìhò sípíkà náà, ṣé o ti gbá a?